Bí a ṣe ń kọ ímeèlì láti fi ọ̀wọ̀ dá àǹfààní iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ padà lẹ́yìn tí a ti gba òmíràn

Ẹni tí ilé-iṣẹ́ méjì bá fún láyè ìkọ́ṣẹ́ lásìkò kan náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn pé òun kò ní wá mọ́, ìwé yìí sì máa ń nira fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ju èyí tí wọ́n fi wá iṣẹ́ náà lọ. Ohun tó ń mú kó nira ni pé wọ́n rò pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ìròyìn ni, ẹni tó máa kà á sì ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi ìròyìn náà ṣe: yóò yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tó ń bọ̀, yóò pe ẹni tó ṣìkejì yín nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí onítọ̀hún tó gba iṣẹ́ síbòmíràn, yóò sì sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka tó ti ń retí yín pé ètò ti yí padà. Bí ẹ bá ń rántí iṣẹ́ tó wà níwájú ẹni náà bí ẹ ṣe ń kọ ọ́, ẹ ó mọ ohun tó yẹ kó wọ inú ìwé náà, ẹ ó sì mọ èyí tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́.

Ọdún mélòó kan ni mo fi wà lára àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ fún iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, mo sì rántí ímeèlì kan tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ ohun tó ń sọ. Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ dúpẹ́ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ó yin ilé-iṣẹ́ wa ní ìkejì, ó wá sọ ní ìkẹta pé ọkàn òun pín sí méjì àti pé òun ń ronú lórí ọ̀nà mìíràn. Mo ní láti kọ̀wé padà bi í bóyá ó ń bọ̀ tàbí kò bọ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí ó tó dáhùn pé òun ti bẹ̀rẹ̀ ètò níbòmíràn, nígbà yẹn ẹni tó ṣìkejì rẹ̀ náà ti rí iṣẹ́, àyè yẹn sì ṣófo títí ìgbà ìkọ́ṣẹ́ náà fi parí. Ọmọlúàbí ni ọmọbìnrin náà, kò fẹ́ ṣẹ̀ wá ni kò ṣe lè sọ̀rọ̀ tààrà. Nítorí irú rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Ẹ má ṣe kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ títí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ kejì yóò fi wà lọ́wọ́ yín ní àkọsílẹ̀. Kí wọ́n pè yín lórí fóònù pé ẹ ti wọlé kò tíì tó. Ẹ wo lẹ́tà náà bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀ bó ṣe tọ́, bóyá ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí wà níbẹ̀, bóyá wọ́n kọ iye owó tí wọ́n máa san tàbí wọ́n sọ ní kedere pé kò sí owó, àti ẹni tó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "bí" nínú lẹ́tà náà: bí ìwé ẹ̀rí yín bá pé, bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá fọwọ́ sí i, bí àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe nípa yín bá yọrí sí rere. Níbi tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá wà, lẹ́tà náà kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tán. Bí gbèdéke ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún yín kò bá tíì pé, ẹ dúró kí àdéhùn náà ṣẹ. Bí ó bá ti fẹ́ pé, ẹ kọ̀wé kúkúrú láti tọrọ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí i, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ náà gan-an tí ẹ máa dáhùn.

Nígbà tí ẹ bá ti buwọ́ lu ti kejì, tí wọ́n sì ti fi ímeèlì jẹ́rìí sí i pé ó ti dé ọwọ́ wọn, kò sí ìdí kankan láti dúró mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó pẹ́ tán, ọjọ́ kejì. Àwọn kan máa ń dúró títí di ọjọ́ tí gbèdéke pé nítorí wọ́n rò pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Lóòótọ́ ẹ̀tọ́ wọn ni láti ronú títí di ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìrònú ti parí, ọjọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń jẹ.

Ẹni tí ẹ máa kọ ọ́ sí

Ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín ni ẹ máa dá lóhùn. Ẹ ṣí ímeèlì tí lẹ́tà náà bá wá, ẹ tẹ Reply, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀, kí lẹ́tà wọn lè wà lábẹ́ ìdáhùn yín, kí ẹni tó ń kà á má bàa máa wá ẹni tí ẹ jẹ́ kiri láàárín ogún orúkọ. Ẹ má ṣe yí àkòrí rẹ̀ padà, nítorí lórí Gmail, bí àkòrí bá ti yí padà, ìdáhùn náà yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń bá bọ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ímeèlì tuntun, orúkọ yín àti orúkọ àyè náà ti tó fún àkòrí.

Bí ẹ̀ka tó ń gbani síṣẹ́ bá ló kọ lẹ́tà, tó sì jẹ́ pé ọ̀gá mìíràn ló fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ẹ fi àdírẹ́sì ọ̀gá náà sí Cc, kí ó má bàa jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti gbọ́ ọ. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá sì ní ojú-ewé ayélujára tí wọ́n ti ń gba ìdáhùn, tí bọ́tìnnì Decline wà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ímeèlì tẹ̀lé e. Bọ́tìnnì kò lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì yín fún odidi wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó. Ọjọ́ Ajé ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì fún un di ọjọ́ Ẹtì láti dáhùn. Ní Ọjọ́rú, ilé-iṣẹ́ kejì tó fẹ́ràn jù pè é, lẹ́tà wọn dé lálẹ́, ó sì buwọ́ lù ú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó jókòó láti kọ̀wé sí ti àkọ́kọ́, èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ rẹ̀ sì nìyí:

> Ẹ káàsán o, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Inú mi kò dùn rárá bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé ni inú mi ti ń dùn, mo sì ti sọ fún gbogbo ará ilé mi. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó tóbi ju tiyín lọ pè mí lánàá, owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe. Bóyá tó bá ṣeé ṣe, mo lè wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ ló kún inú rẹ̀, síbẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ tí a rán an. Ẹ wá ibi tó ti sọ pé òun kò gba àyè náà. Ẹ kò ní rí i. Gbólóhùn tó sún mọ́ ọn jù ni "mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe", ọ̀gá tó bá sì ka ìyẹn lè rò pé ọmọ yìí ń fẹ́ kí àwọn fi kún owó rẹ̀. Ó lè lọ jà fún un lọ́dọ̀ àwọn tó ga jù ú lọ, kí ó wá padà wá gbọ́ pé ó ti buwọ́ lu ìwé níbòmíràn láti àárọ̀. Ìbínú tó ń tìdí irú èyí jáde kì í tètè tán. "Tó tóbi ju tiyín lọ" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó kàn dun ẹni tó ń kà á ni. Ti ọdún tó ń bọ̀ sì dà bí ìgbà tí ènìyàn kọ oúnjẹ tán tó tún ní kí wọ́n bá òun gbé e pamọ́: ẹnikẹ́ni kò tíì ṣèlérí àyè kankan fún un lọ́dún tó ń bọ̀.

Èyí tó wá fi ránṣẹ́ nìyí. Lágbájá àti Làkásègbè ni mo fi rọ́pò orúkọ àwọn ọ̀gá méjèèjì:

> Ọ̀gá Lágbájá,
>
> Mo dúpẹ́ fún àyè ìkọ́ṣẹ́ tí ẹ fún mi ní ẹ̀ka ìṣirò owó nínú lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Lẹ́yìn tí mo ti rò ó dáadáa, mo fẹ́ fi tó yín létí pé mi ò ní lè gba àyè náà, nítorí mo ti gba iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ níbòmíràn tó sún mọ́ ẹ̀ka tí mo fẹ́ gbájú mọ́ nínú ẹ̀kọ́ mi.
>
> Mo mọ rírì àkókò tí ẹ̀yin àti Ọ̀gá Làkásègbè lò pẹ̀lú mi. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ọ̀nà tí ẹ ń gbà fi ìwé báǹkì wé ìwé ìnáwó lóṣooṣù ti ràn mí lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń ṣe lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.
>
> Mo tọrọ gáfárà fún ìnira tí èyí lè mú bá ètò yín. Mo kọ̀wé lónìí kí ẹ lè tètè pe ẹlòmíràn sí àyè náà.
>
> Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
> (orúkọ rẹ̀ ní kíkún, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀)

Gbólóhùn kejì ni ọkàn ìwé náà. Ibẹ̀ ni "mi ò ní lè gba àyè náà" wà, láìsí "bóyá", láìsí "ó dà bí ẹni pé", láìsí "ní báyìí ná". Ẹni tí kò bá ráyè ka ju ìlà mẹ́ta lọ ti mọ ohun tó kàn. Ọpẹ́ ló ṣáájú rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wa, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni ọpẹ́ náà. Bí ọpẹ́ bá gba odidi ìpínrọ̀ méjì ṣáájú ìkọ̀sílẹ̀, ẹni tó ń kà á yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹ ti gbà.

Ìdí tí ẹ kò fi wá kò gbọ́dọ̀ ju abala gbólóhùn kan lọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Mo tẹnu mọ́ òótọ́ yìí nítorí mo ti rí àwọn tó kọ̀wé pé ara àwọn kò yá tàbí pé ẹnì kan kú nílé, tí wọ́n sì fi àwòrán ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn ní ilé-iṣẹ́ mìíràn hàn lórí ayélujára lóṣù kan náà. Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ nínú iṣẹ́ kan náà mọ ara wọn, wọ́n sì máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kò ní láti dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ẹ gbà, ẹ kò sì ní láti mẹ́nu ba owó rárá. Ẹni tó bá fẹ́ lo owó láti dúnàádúrà gbọ́dọ̀ ṣe é kí ó tó buwọ́ lu ti kejì. Lẹ́yìn ìbuwọ́lùwé, owó tí ẹ bá dárúkọ kò wúlò mọ́.

Ìpínrọ̀ kejì nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Kò sọ pé "ilé-iṣẹ́ yín dára púpọ̀", èyí tí ènìyàn lè kọ sí ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí. Ó mú ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ ọ ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sì sọ ohun tó ti fi ṣe. Bí ẹ kò bá rántí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìpínrọ̀ náà sílẹ̀. Ìwé tó kúrú sàn ju ìyìn tí kò ní ìtumọ̀ lọ. Bákan náà, ẹ tọrọ gáfárà lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ńṣe ni ọ̀gá náà yóò ní láti máa tù yín nínú.

Bí ẹ bá ti gba ti àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí ẹ bá ti sọ pé ẹ ń bọ̀, yálà lẹ́nu tàbí nínú ìwé, kí ti kejì tó dé. Èyí kì í ṣe kíkọ àǹfààní mọ́, yíyẹ àdéhùn ni, kò sì sí bí a ṣe lè kọ ọ́ tí kò ní dun ẹni tó gbà yín. Kí ẹ tó buwọ́ lu ti kejì, ẹ ka ìwé tí ẹ ti buwọ́ lù tẹ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó sọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kéde pé ẹ kò ṣe mọ́, àti bóyá owó tàbí ẹ̀rọ kan wà tí ẹ máa dá padà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ló wá àyè náà fún yín, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o, kí ẹ bi í léèrè òfin wọn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í tún wá àyè fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yẹ àdéhùn, nítorí ilé-iṣẹ́ tó bá bínú lè má gba akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́. Bí ó bá ku ọjọ́ díẹ̀ kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ mú àdéhùn yín ṣẹ, kí ẹ sì bi ilé-iṣẹ́ kejì bóyá wọ́n lè gbà yín ní ìgbà ìkọ́ṣẹ́ tó tẹ̀lé e.

Bí ẹ bá ti pinnu láti yẹ̀ ẹ́, fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ: "Ẹ káàsán, Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò rọrùn fún mi. Mo ti gba àyè lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n mo ń fà sẹ́yìn báyìí nítorí mo ti gba iṣẹ́ níbòmíràn. Mo mọ̀ pé mo ti dá ètò yín rú, mo sì tọrọ àforíjì." Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Bí ẹ bá sì ti gbé fóònù sílẹ̀, ẹ kọ ímeèlì láàárín wákàtí kan. Gbólóhùn kejì ímeèlì náà yóò wá jẹ́: "Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ lórí fóònù, mo ń fà sẹ́yìn kúrò nínú àdéhùn tí mo buwọ́ lù," kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ má ṣe di ẹ̀bi náà ru òbí tàbí olùkọ́ yín.

Kí ẹ tó tẹ Send, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ímeèlì. Àṣìṣe tó burú jù tí mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹni tó ṣí ímeèlì ilé-iṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ti gbà. Nítorí náà, ẹ ti ímeèlì ilé-iṣẹ́ kejì pa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹnu ka àdírẹ́sì tó wà lókè, orúkọ ọ̀gá àti orúkọ ẹ̀ka jáde kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ lè wọ inú ètò Gmail ṣáájú, kí ẹ sún àkókò Undo Send láti ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 30, tí í ṣe ibi tó pọ̀ dé. Ìmúpadà ti Outlook kì í ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ẹ kọ̀wé sí kò bá sí nínú ilé-iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú yín, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Èsì tó wọ́pọ̀ jù ni ìlà kan tàbí méjì tí wọ́n fi kí yín kú oríire, èyí kò sì béèrè ìdáhùn. Bí wọ́n bá bi yín pé ilé-iṣẹ́ wo ni, ẹ lè sọ, ẹ sì lè dáhùn pé ẹ kò ní fẹ́ dárúkọ rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi owó kún tiwọn, gbólóhùn kan ti tó: "Mo dúpẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n mo ti buwọ́ lu ìwé níbẹ̀, mi ò sì ní lè yí i padà." Èsì ìbínú pàápàá kò gbọdọ̀ gbà ju "Ọ̀rọ̀ yín yé mi, Ọ̀gá, mo sì tún tọrọ gáfárà" lọ.

Bí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, ẹ pè wọ́n láti mọ̀ bóyá ímeèlì náà dé, torí ó lè ti bọ́ sáàárín àwọn ìwé tí ẹ̀rọ kà sí pàǹtírí. Ẹ má ṣe pa ẹ̀dà tó wà nínú Sent rẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn, tí wọ́n á sì tún kọ̀wé pè é wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí irú rẹ̀ bá dé, ẹ fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ̀wé, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́, kí ó lè yọ orúkọ yín kúrò níbẹ̀.